Kí ẹ tó buwọ́ lu wéèbíìlì: bí a ṣe ń kọ abala iṣẹ́ nínú àdéhùn ọjà

 

Ọ̀rọ̀ tòní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kan tó máa ń wà nísàlẹ̀ wéèbíìlì. Tí ọkọ̀ bá já ọjà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, dírẹ́bà á na ìwé sí yín, á ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi sáìn níbí." Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé yẹn dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ẹ gba ọjà náà pé pérépéré, ó sì wà ní ipò tó dára. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì tú ìdì kan ṣoṣo. Tí wàhálà bá dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìlà yẹn ni ẹni tó kó ọjà wá máa kọ́kọ́ fà yọ.

Ohun tó lè gbà yín lọ́jọ́ yẹn ni abala kan nínú àdéhùn yín, èyí tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní sìkóòpù ọ́fù wọ́ọ̀kì. Àwa máa pè é ní abala iṣẹ́. Ibẹ̀ la ti ń sọ ohun tí wọ́n máa kó fún wa, àti bí a ṣe máa mọ̀ pé ohun tí a ní kí wọ́n kó wá ni wọ́n kó wá. Ọ̀nà ìmọ̀ yẹn la máa pè ní òṣùwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà.

Ká má bàa máa sọ̀rọ̀ lófìfo, ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì bá a dé òpin. Ká sọ pé ẹnì kan ní ilé búrẹ́dì ní Maryland. Ó fẹ́ ọ̀rá búrẹ́dì 50,000, tí wọ́n tẹ orúkọ ilé búrẹ́dì náà sí lára. Ó rí ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ ọ̀rá ní Ọgbà. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí Wáàsáàpù, wọ́n fẹnu kò lórí owó. Àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ má wá ilé búrẹ́dì náà kiri.

Ìlà kan tí kò sọ nǹkan kan

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ ni pé: "Ọ̀rá búrẹ́dì tó dára, 50,000, tó nípọn, tí títẹ̀ rẹ̀ mọ́ kedere." Ó dún dáadáa létí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: nípọn tó báwo? Ọ̀rá tí onílé búrẹ́dì máa pè ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè búra pé ó nípọn, kó má sì parọ́. Àwọn méjèèjì ń fọwọ́ pa ọ̀rá kan náà, ìdáhùn wọn sì yàtọ̀.

Ìdánwò tí mo máa ń fi yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà ní abala iṣẹ́ wò nìyí. Bí ẹni méjì tí wọn ò fẹ́ràn ara wọn bá mú irinṣẹ́ kan náà, tí wọ́n wọn ọjà kan náà, ṣé ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa rí? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òṣùwọ̀n. "Dára" kò yege ìdánwò yìí. "Nípọn" náà kò yege.

Kí ni wọ́n máa kó fún wa gan-an?

Kí a tó dé orí òṣùwọ̀n, ẹ jẹ́ ká ka àwọn ohun tí ilé iṣẹ́ yẹn máa kó fún wa. Ẹni tó ń kánjú máa ní ọ̀rá ni, ó tán. Àmọ́ ohun mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, tí onílé búrẹ́dì máa kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú. Èkejì ni ọ̀rá 20 tí ẹ̀rọ gan-an tẹ̀ jáde kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Àwọn méjèèjì máa buwọ́ lù ú, 10 á wà lọ́dọ̀ onílé búrẹ́dì, 10 á wà lọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rá 50,000 fúnra rẹ̀, tó máa dé lẹ́ẹ̀marùn-ún, 10,000 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹrin ni èyí táwọn èèyàn máa ń gbàgbé: sílíńdà tàbí púléètì tí wọ́n gbẹ́ àwòrán náà sí, àti fáìlì àwòrán náà.

Kí ló dé tí ti sílíńdà fi ṣe pàtàkì? Nítorí pé àwọn tó ń tẹ ọ̀rá sábà máa ń gba owó sílíńdà lọ́tọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Onílé búrẹ́dì sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló wà. Bí ìjà bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, tó fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ níbòmíì, wọ́n lè ní sílíńdà kò kúrò níbẹ̀. Gbólóhùn kan ló ń yanjú rẹ̀: ta ló ni sílíńdà, ta ló ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ní láti fi dá a padà bí ẹni tó ni ín bá béèrè.

Ẹ kọ ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ náà síbẹ̀ pẹ̀lú. Owó ọkọ̀ láti Ọgbà dé Maryland, ṣé ó wà nínú owó tí wọ́n sọ? Àwọn tó máa já ẹrù ńkọ́? Bí òjò bá pa ẹrù lójú ọ̀nà, ta ló ni àdánù yẹn? Ẹ kọ pé ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀rá wà títí tó fi wọ ilé ìkẹ́rùsí onílé búrẹ́dì, bí ohun tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí bá nìyẹn.

Bí sìkéèlì ìdáná ṣe lè dá ẹjọ́

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìnípọn. Máíkírọ́ọ̀nù ni àwọn tó ń ṣe ọ̀rá fi ń wọn ìnípọn. Máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 mílímítà. Ká sọ pé a fẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 30. Irinṣẹ́ tó ń wọ̀n ọ́n wà, ṣùgbọ́n ilé búrẹ́dì mélòó ló ní i? Sìkéèlì ló wà nílé búrẹ́dì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí pé sìkéèlì náà lè sọ ìnípọn fún wa.

Ẹ wò ó báyìí. Ọ̀rá wa fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, ó gùn ní 40, ó sì ní ojú méjì. Máíkírọ́ọ̀nù 30 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 0.003. Oríṣi ọ̀rá rírọ̀ tí a ń lò fún búrẹ́dì, tí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ń jẹ́ LDPE, máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 0.92 fún sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan. Ẹ fi kakulétọ̀ fóònù yín sọ ọ́ di púpọ̀:

```
25 × 40 × 2 × 0.003 × 0.92 = 5.52
```

Ọ̀rá kan á wọn gíráàmù 5.52. Sìkéèlì ìdáná kì í rí ìdá gíráàmù, nítorí náà ẹ ka 100, ẹ gbé e lé e papọ̀. Ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 552. Bí wọ́n bá ti fi máíkírọ́ọ̀nù 25 ṣe é, 460 lẹ máa rí. Ìyàtọ̀ yẹn tóbi débi pé sìkéèlì ọjà lásán á fi hàn. Lórí ọ̀rá 50,000, kílò 276 ló yẹ kẹ́ ẹ gbà. Bó bá jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 25, 230 ni. Kílò 46 ti lọ, ojú ò sì rí i.

Ohun tí a máa kọ rèé: "A ó ka ọ̀rá 100 láti inú ìdì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. 100 kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ wọn dín ní gíráàmù 525." Ẹ kọ́kọ́ fi rúlà wọn fífẹ̀ àti gígùn o, torí pé ọ̀rá tó kéré náà máa fúyẹ́. Bí ọ̀rá yín bá ní ìṣẹ́po lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Pańpẹ́ kan wà níbí. Kílò ni àwọn kan fi ń ta ọ̀rá. Bí ẹ bá fi kílò rà á, ọ̀rá tó nípọn jù máa pa yín lára. Kílò 276 tí wọ́n fi máíkírọ́ọ̀nù 36 ṣe kì í ṣe ọ̀rá 50,000 mọ́, kò ju nǹkan bíi 41,700 lọ. Nǹkan bíi búrẹ́dì 8,300 ò rí ọ̀rá wọ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ kílò lẹ fi ń rà á, ẹ fi òpin sí i lókè náà: 100 kò gbọdọ̀ wọn ju gíráàmù 580 lọ.

Ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ sì kọ bí àyè náà ṣe tó

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a fi kọ 525, tí a ò kọ 552 gan-an. Ìdí ni pé kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀rá tí ìnípọn rẹ̀ kì í yẹ̀ díẹ̀. Bí a bá kọ nọ́mbà láìfi àyè sílẹ̀, a ti kọ àdéhùn tí ẹnikẹ́ni ò lè mú ṣẹ.

Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1933, láàárín Arcos àti Ronaasen. Pátákó igi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àgbá sìmẹ́ǹtì ni wọ́n tà. Àdéhùn sọ pé ìlàjì ínǹṣì ni kí ó nípọn. Èyí tó dé, díẹ̀ ló jẹ́ ìlàjì ínǹṣì gan-an, púpọ̀ nínú rẹ̀ fi nǹkan kékeré ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìdá kan nínú 16 ínǹṣì. Ó ṣeé fi ṣe àgbá dáadáa. Ṣùgbọ́n owó igi ti já wálẹ̀ lọ́jà, ẹni tó rà á sì ń wá ọ̀nà láti yẹra. Ó ní ohun tí wọ́n kó wá kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, ẹni tó rà á ló sì jàre, nítorí pé kò sí ibì kankan nínú ìwé tí wọ́n ti fi àyè sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kàn yín, yálà ẹ̀ ń rà ni o, ẹ̀ ń tà ni o. Bí ẹ bá ń tà, nọ́mbà tí kò ní àyè jẹ́ ilẹ̀kùn tí oníbàárà lè gbà sá jáde nígbà tí ọjà bá já. Bí ẹ bá ń rà, ẹni tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní gbà láti buwọ́ lù ú, ẹni tó bá sì gbà kíákíá, ó ṣeé ṣe kó má tíì kà á.

Mélòó la máa yẹ̀ wò?

A ò lè wo ọ̀rá 10,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Tábìlì kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ń lò, orúkọ rẹ̀ ni ISO 2859-1. Fún ọjà 10,000, ní ìpele àyẹ̀wò kejì, ó ní ká mú 200. Bí a bá yan òpin àbùkù 2.5 nínú 100, tábìlì náà ní bí èyí tó ní àbùkù bá jẹ́ 10 tàbí kó dín, ẹ gbà á. Bó bá di 11, ẹ dá gbogbo 10,000 yẹn padà.

Ẹ lè ní, "Àmọ́ 10 nínú 200 jẹ́ 5 nínú 100, kì í ṣe 2.5." Òótọ́ ni. Ọjà tí àbùkù rẹ̀ jẹ́ 2.5 nínú 100 lóòótọ́ lè bọ́ sí àìrìnnà-kore, kó jẹ́ pé èyí tó burú lọ́wọ́ yín máa bà jù. Tábìlì náà fi àyè sílẹ̀ fún irú rẹ̀, kó má bàa fìyà jẹ ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ.

Ẹ sọ ohun tó ń jẹ́ àbùkù. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́: bí atẹ́gùn bá ń sá jáde nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi iná lẹ̀ ẹ́ pọ̀, àbùkù ni. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú títẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò rìn ín, ẹ ṣí i kúrò: bí yíǹkì bá bá a jáde, àbùkù ni. Bí àwọ̀ kan bá yẹ̀ kúrò lórí èkejì ju mílímítà 2 lọ, àbùkù ni. Kí 200 náà sì wá láti inú ìdì òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, nítorí orí ni àwọn èèyàn máa ń to èyí tó rẹwà sí.

Àbùkù kan wà tí a ò ní fi sínú kíka yìí. Nọ́mbà NAFDAC, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe búrẹ́dì, àti àwọn èròjà tó wà nínú rẹ̀, bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí àwòrán tí wọ́n buwọ́ lù, òdo ni òpin rẹ̀. Ọ̀rá kan ṣoṣo tó ní nọ́mbà tí kì í ṣe tiyín tó láti dá gbogbo ẹrù padà. Búrẹ́dì tó wà nínú ọ̀rá yẹn lè di wàhálà sí yín lọ́rùn, kì í ṣe sí ọrùn ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Gbígbà kì í ṣe ìtẹ́wọ́gbà

Ó kù sórí wéèbíìlì tí a fi bẹ̀rẹ̀. Òfin títà ọjà tí à ń lò l'Ékòó ní gbòǹgbò nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1893. Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin yẹn fi ń kà á sí pé ẹ ti tẹ́wọ́ gba ọjà. Ọ̀kan, bí ẹ bá sọ fún ẹni tó tà á pé ẹ ti gbà á. Èkejì, bí ọjà bá ti dé ọwọ́ yín, tí ẹ wá ṣe ohun tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín nìkan ló lè ṣe é, bíi kẹ́ ẹ máa kó búrẹ́dì sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa tà á. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ fún àsìkò tó ti tó, tí ẹ ò sì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tẹ́wọ́ gbà á, ẹ ṣì lè béèrè owó àdánù, ṣùgbọ́n ó ti ṣòro kẹ́ ẹ tó lè ní kí wọ́n wá kó ọjà wọn.

"Àsìkò tó ti tó", ọjọ́ mélòó nìyẹn? Níbẹ̀ ni lọ́yà á ti máa jẹun. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́ sínú ìwé bóyá, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó sọ nìyí:

> Ìbuwọ́lùwé lórí wéèbíìlì jẹ́ ẹ̀rí pé iye ìdì tí a kọ síbẹ̀ dé. Kì í ṣe ìtẹ́wọ́gbà, ohunkóhun tí wọn ì báà tẹ̀ sórí wéèbíìlì náà. Olùrà ní ọjọ́ iṣẹ́ 3 láti ṣe àyẹ̀wò tó wà ní abala yìí, ẹni tó kó ọjà wá sì lè rán èèyàn wá wò ó. Bí ọjà bá kùnà, olùrà yóò kọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà àti fọ́tò ránṣẹ́. Ẹni tó kó ọjà wá yóò kó o lọ ní owó ara rẹ̀, yóò sì kó òmíràn wá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7. Bí ọjọ́ 3 bá kọjá láìsí ìwé kankan, a ti tẹ́wọ́ gbà á.

Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó tẹ ọ̀rá ni ó dáàbò bò. Bí kò bá sí níbẹ̀, onílé búrẹ́dì lè jókòó lé e lórí fún oṣù kan, kó máa fi pé òun ń yẹ ọjà wò dá owó dúró.

Ẹ wá so owó mọ́ ọn. Nínú àpẹẹrẹ wa, wọ́n san ìlàjì owó ṣáájú. Ìlàjì tó kù ni wọ́n pín sí márùn-ún, 10 nínú 100 fún ẹrù kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì máa san án lọ́jọ́ tí ẹrù yẹn bá yege, kì í ṣe lọ́jọ́ tó dé. Bí ẹrù kejì bá kùnà, ti àkọ́kọ́ ti di sísan, kò sẹ́ni tó di owó ẹnì kankan mú.

Kí ẹ sì má fi ọ̀rá tí ẹ fẹ́ dá padà di búrẹ́dì. Mo mọ̀ pé ìdààmú wà níbẹ̀: búrẹ́dì ti jáde nínú ààrò ní aago márùn-ún àárọ̀, àwọn oníbúrẹ́dì orí ọ̀nà ti dúró, ọ̀rá tó wà nílẹ̀ nìyẹn nìkan. Bí ẹ bá lò ó, ẹ ti tẹ́wọ́ gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹrù kọ̀ọ̀kan dé nígbà tí ọ̀rá ọ̀sẹ̀ kan ṣì kù nílẹ̀, kí ọjọ́ tó yẹ kó dé sì wà nínú abala iṣẹ́.

Ohun tí sìkéèlì ò lè sọ

Gbogbo àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Sìkéèlì ò lè sọ bóyá ọ̀rá tuntun ni wọ́n fi ṣe é tàbí èyí tí wọ́n ṣà ní ààtàn tí wọ́n tún yọ́. Òórùn lè fura sí i, àmọ́ òórùn kò yege ìdánwò ẹni méjì wa. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ fi ìwé kún ohun tí wọ́n máa kó fún yín: lẹ́tà tó ń sọ orúkọ rọ́bà tí wọ́n lò, ẹni tó ṣe é, àti pé ó yẹ fún oúnjẹ, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe rọ́bà náà. Bí lẹ́tà yẹn bá di irọ́ lọ́la, ẹ ti ní ohun tí ẹ máa fà yọ.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Bí ẹ bá ní àdéhùn kan lọ́wọ́, ẹ ṣí i nísinsìnyí lórí fóònù yín, ẹ wá gbogbo ibi tí "tó dára" bá wà. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá rí nǹkan kọ sí, ẹ pe ẹni tí ẹ jọ ń ṣòwò, kí ẹ jọ wá a kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó dìgbà o.